Ta ló ń san owó pàǹtí ẹni tí kò san?

Mélòó lẹ ń san fún pàǹtí lóṣù, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmáíkò? Ẹ má tíì dá mi lóhùn. Ẹ kọ́kọ́ ro owó PSP tẹ́ ẹ ń fún lánlọ́ọ̀dù, kẹ́ ẹ wá fi owó tẹ́ ẹ ń fún olómọlanke kún un. Ó lè jẹ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa ro méjèèjì pọ̀ rèé. Òun ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ó gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ọdún mẹ́rin tí mo lò ní LASU, ilé oníyàrá méjìlá kan ní Okoko ni mò ń gbé. Ẹ mọ irú ilé yẹn: kọ́rídọ̀ kan láàrin, yàrá mẹ́fà lápá ọ̀tún, mẹ́fà lápá òsì, bálùwẹ̀ méjì lẹ́yìn. Torí pé wọ́n ní ọmọ yunifásítì ló mọ̀wé, èmi ni wọ́n ní kí n máa kọ orúkọ ẹni tó bá san owó pàǹtí sílẹ̀. Ìwé kékeré yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Òun ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé fún yín.

Ẹ jẹ́ ká ti orí òfin bẹ̀rẹ̀, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 ka kíkó ìdọ̀tí mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, bó ṣe ka ọjà, gáréèjì, ibi ìsìnkú àti ilé ìyàgbẹ́ gbogboogbò mọ́ ọn. Òfin tó jáde lọ́dún 1998, tó to gbogbo owó tí ìjọba kọ̀ọ̀kan lè gbà lọ́wọ́ aráàlú lẹ́sẹẹsẹ, fi owó ìdọ̀tí sí apá ti káńsù. Ṣùgbọ́n ní Èkó, LAWMA tó jẹ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń darí iṣẹ́ yẹn, àwọn aládàáni tá à ń pè ní PSP ló sì ń gbé mọ́tò wá. Wòléwòlé ló ń wá wò bóyá àyíká yín mọ́. Ẹ rí i pé ẹni tó ń bá yín wí nítorí ìdọ̀tí àti ẹni tó ń kó o, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí mọ́tò ò bá wá, a kì í mọ ẹni tá a máa pè.

Ó dáa. Kí ni wọ́n ń fi owó náà ṣe?

Ohun tí wọ́n fẹ́ ni pé kí iṣẹ́ náà máa gbọ́ bùkátà ara ẹ̀. Mọ́tò tó ń tẹ pàǹtí mọ́ra kì í ṣe mọ́tò kékeré. Dírébà wà, àwọn ọmọ tó ń rọ̀ mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀ wà, dísù wà, táyà wà, owó ààtàn náà wà. Ààtàn ńlá tó sún mọ́ wa ni Solous ní Ìgándò, lójú ọ̀nà tó ti LASU lọ sí Ìṣẹri. Mọ́tò tó bá kó pàǹtí ní Okoko máa gba Ìyànà-Ìbà, á kọjá Ìbà, kó tó forí lé Ìgándò, nínú gosíló tí gbogbo wa mọ̀. Tó bá débẹ̀, ó tún lè tò sórí ìlà.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú owó yẹn kì í dín kù. Bó kó pàǹtí ilé mẹ́wàá ní àdúgbò kan, bó kó ti ogún, dírébà ò ní gba ààbọ̀ owó, ọ̀nà Ìgándò ò sì ní kúrú. Nítorí náà, kì í ṣe bí pàǹtí yín ṣe pọ̀ tó ló ń pinnu bóyá owó máa wọlé tó fún wọn. Iye ilé tó ń san lójú títì kan náà ló ń pinnu ẹ̀. Títì tí gbogbo ilé ti ń san, mọ́tò á máa yá lọ síbẹ̀. Títì tí ìdajì ti ń sá, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ fò nígbà tí dísù bá wọ́n.

Ẹ wá fi òjò kún un. Àwọn títì inú lọ́hùn-ún ní Okoko tí ò ní ọ̀dà, tí omi ti ń dúró látinú oṣù Kẹfà, mọ́tò ńlá ò lè wọ̀ ọ́. Bílì ń wọ̀ ọ́ ní tiẹ̀. Ẹni tó ń gbé ibi tí ọ̀nà dáa àti ẹni tó ń gbé inú ẹrọ̀fọ̀ lè máa san owó kan náà, kí ọ̀kan rí mọ́tò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí èkejì máa rí i lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ẹ sì mọ èyí tó tálákà jù nínú àwọn méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣí ìwé mi. Owó ti yí padà látìgbà yẹn, nítorí náà ẹ má wo iye, ìṣirò ni kẹ́ ẹ wò.

Bílì wa lóṣù jẹ́ 12,000 náírà: yàrá méjìlá, 1,000 náírà lórí yàrá kan. Yàrá méjì ṣófo nígbà yẹn. Mẹ́ta ò san. Ó ku yàrá méje tó ń san, 7,000 náírà nìyẹn. Gbèsè 5,000 ti wà nílẹ̀ nìyẹn lóṣù kan péré, ìdílé tó wà nínú yàrá méje yẹn ò sì jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, gbèsè di 20,000. Mọ́tò ò yà wá mọ́.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú. Gbogbo ilé ni wọ́n kọ bílì fún, kì í ṣe ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnì kan ò bá san, pàǹtí gbogbo yín ló máa jókòó síta. Àwa tá a ti san wá ń pe olómọlanke. Báàgì kan, 100 náírà, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. 300 lọ́sẹ̀, 1,200 lóṣù. Ẹni tó san owó PSP ti ná 2,200 náírà lóṣù báyìí. Ẹni tí ò san, tó kàn ń pe olómọlanke, 1,200 ló ná. Ẹni tó ń sọ tiẹ̀ sínú gọ́tà lóru nígbà tí òjò bá ń rọ̀ ò ná nǹkan kan.

Ẹ wò ó dáadáa. Olóòótọ́ ló náwó jù. Nígbà tó bá yá, òun náà á bi ara ẹ̀ pé kí ló dé tí òun fi ń san. Lóṣù karùn-ún, nínú ìwé mi, àwọn tó san di márùn-ún.

Ká wá ní ẹni tó ń kó pàǹtí fẹ́ kí 12,000 òun pé lọ́wọ́ àwọn méje tó ń san. Ó máa di nǹkan bíi 1,714 náírà lórí yàrá kan. Bó bá gbówó lé e báyẹn, àwọn kan nínú méje náà á tún sá. Àwọn tó kù á tún san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí owó ṣe ń lọ sókè nìyẹn, tí iye tó ń wọlé sì ń lọ sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí àdúgbò tí bílì ẹ̀ ń ga lọ́dọọdún, tí mọ́tò sì ń ṣọ̀wọ́n lọ́dọọdún, ẹ ò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ fún yín mọ́.

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé àwọn tí ò san yẹn, èké ni wọ́n. Àwọn kan wà tó jẹ́ èké lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ohun tí ìyá tó ń dín àkàrà ní yàrá kẹrin sọ fún bàbá kiatékà wa lọ́jọ́ tí wọ́n pe ìpàdé.

Bàbá ní, "Ìyá Alákàrà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fún olómọlanke lówó lójoojúmọ́, kí ló dé tẹ́ ẹ ò lè san ẹgbẹ̀rún kan péré?"

Ìyá ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Ẹgbẹ̀rún kan lẹ́ẹ̀kan náà ni mi ò ní. Ojoojúmọ́ ni mò ń rówó, ojoojúmọ́ náà ni mò ń ná an. Ẹ bi mí ní àádọ́ta náírà lálaalẹ́, mo ní in."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ṣé PSP á wá máa gba àádọ́ta náírà lálaalẹ́ ni?"

"Wọn ò ní wá, bàbá. Ṣùgbọ́n alájọ ń wá."

Gbogbo kọ́rídọ̀ dákẹ́.

Ìyá yẹn ti rí ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣètò owó ìlú kì í rí. Kì í ṣe iye owó nìkan ló ń mú kí apá tálákà ká nǹkan tàbí kó má ká a. Ìgbà tí wọ́n máa béèrè owó náà wà ńbẹ̀. Ẹni tó ń gba owó oṣù lè yọ 1,000 sílẹ̀ lọ́jọ́ tí áláàtì bá wọlé. Ẹni tó ń jẹun látinú ohun tó tà lónìí ò ní ọjọ́ kankan tí 1,000 á wà lọ́wọ́ ẹ̀ láìní iṣẹ́ mìíràn tó ti ń dúró dè é. Ìdí nìyẹn tó fi ń san 1,200 fún olómọlanke, tó ní òun ò ní 1,000 fún PSP. Kò purọ́. Owó olómọlanke bá bí owó ṣe ń wọlé fún un mu.

Ohun tá a ṣe rèé. Yàrá mẹ́jọ gbà láti máa dá 50 náírà lójúmọ́ fún alájọ, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, láìka Sunday mọ́ ọn. Ọjọ́ mẹ́rìnlélógún lóṣù, 1,200 náírà. Alájọ mú 50 tiẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Ó ku 1,150 lórí yàrá kọ̀ọ̀kan, 9,200 lápapọ̀. Bọ̀dá kan tó ń ṣiṣẹ́ oṣù ní òun ò dá àjọ, ó ń san 1,000 tiẹ̀ ní tààrà. Gbogbo ẹ̀ di 10,200. Ẹnì kan ò dá sí wa rárá.

Kiatékà wá lọ bá àwọn tó ń kó pàǹtí, ó ní kí wọ́n wá fojú ara wọn rí i pé yàrá méjì ṣófo. Wọ́n wá, wọ́n rí i, bílì wá di 10,000. Owó wa ká a, 200 sì ṣẹ́ kù. Wọ́n yọ 8,000 tó jẹ́ ti yàrá òfìfo kúrò nínú gbèsè 20,000. 12,000 tó kù jẹ́ ti yàrá mẹ́ta tí ò san, 4,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Méjì nínú wọn gbà láti máa fi 500 kún owó wọn lóṣù fún oṣù mẹ́jọ. Lánlọ́ọ̀dù san ti ẹni kẹta, ó sì gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà tó ń kó jáde. Mọ́tò padà. Kì í wá lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ nígbà òjò, ṣùgbọ́n ó ń wá.

Ẹ má rò pé àjọ ló máa tún gbogbo Okoko ṣe o. Ó ṣiṣẹ́ fún wa nítorí a mọ ara wa lójú. Ohun tí ò lè tún ṣe wà, òun ni pé owó kan náà kì í wúwo bákan náà lórí gbogbo èèyàn.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ wò ó. Ìyá kan ń rí 60,000 náírà lóṣù lórí òwò ẹ̀, ó ń gbé yàrá kan, ó ń san 1,000 fún pàǹtí. Ìdílé kan ń gbé fúláàtì, 400,000 ló ń wọlé fún wọn, wọ́n ń san 2,000. Lójú, ó dà bíi pé fúláàtì ló ń san jù. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo 100 náírà tí ìyá yẹn rí, ó lé ní náírà kan ààbọ̀ tó ń lọ sórí pàǹtí. Ní fúláàtì, àádọ́ta kọ́bọ̀ ni. Ìlọ́po mẹ́ta àti díẹ̀ nìyẹn. Pàǹtí fúláàtì sì lè pọ̀ ju tìyá yẹn lọ.

Kí wá ni ká ṣe? Kí tálákà má san rárá? Mọ́tò ṣì máa mu dísù, ẹnì kan ṣì máa san án. Tí káńsù tàbí ìpínlẹ̀ bá ní kí wọ́n dín in kù fún tálákà, àfi kí wọ́n sọ ibi tí ìyókù ti máa wá: ṣé láti ọwọ́ àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá ní Alábà ni, àbí láti inú àpò ìjọba. Bí wọn ò bá sọ ọ́, ẹni tó ń kó pàǹtí á kàn máa fo títì àwọn tálákà, ẹ̀dínwó yẹn á di ìwé lásán.

Báwo la sì ṣe máa mọ tálákà? Kò sẹ́ni tó fẹ́ máa lọ ka owó nínú àpò èèyàn. Ọ̀nà tó rọrùn ni kí wọ́n fi irú ilé díwọ̀n: kí yàrá kan nínú ilé onílé-púpọ̀ máa san díẹ̀, kí fúláàtì san jù bẹ́ẹ̀, kí ilé alájà san jù gbogbo wọn. Ó dáa, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣì. Màmá opó tó ń gbé fúláàtì tí ọkọ ẹ̀ kọ́ sílẹ̀ ní Ìbà, tí ò rí owó kankan, á san bí olówó. Ọmọ olówó tó gba yàrá kan nítòsí LASU á san bíi tálákà. Nítorí náà, àfi kí ibì kan wà tí màmá yẹn lè lọ ṣàlàyé ara ẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti àwọn títì tí mọ́tò ò lè wọ̀. Kí wọ́n gbé àpótí ńlá sí ẹnu títì, kí àwọn ilé inú lọ́hùn-ún san owó tó kéré nítorí pé àwọn fúnra wọn ló ń gbé e dé ibẹ̀, kí wọ́n sì gba àwọn olómọlanke láàyè láti máa kó o dé inú àpótí yẹn. Ìjọba Èkó ti fòfin de àwọn olómọlanke, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ń dà á sí kánáàlì àti ẹ̀gbẹ́ títì. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ò ní ibi tó tọ́ láti dà á sí nítòsí, ibo lẹ fẹ́ kó dà á sí? Ọmọlanke ò lè dé Ìgándò.

Ìjà lórí irú owó yìí kì í ṣe tuntun l'Ékòó. Ní 1908, nígbà tí ìjọba òyìnbó fẹ́ gbé omi ẹ̀rọ wọ̀lú, kí aráàlú sì máa san owó omi, Dókítà Randle àti Dókítà Ọbasá dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti ta kò ó. Ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn nígbà náà ni pé àwọn ní kànga, àwọn òyìnbó ló máa jẹ̀gbádùn omi náà jù. Omi Ìjù bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní 1915, ìjà owó ẹ̀ sì le gan-an lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Wọn ò sọ pé omi ò dáa. Wọ́n ń béèrè pé ta ló ń gbádùn, ta ló ń sanwó.

Lọ́jọ́ tiwa náà, ní 2017, ìjọba Ambode gbé iṣẹ́ kíkó pàǹtí inú ilé lọ́wọ́ àwọn PSP, ó gbé e fún Visionscape, òfin tuntun sì mú owó tuntun jáde tí àwọn onílé máa san. Ẹ rántí 2018? Pàǹtí gun orí ara wọn lójú títì káàkiri Èkó. Nígbà tó yá, àwọn PSP padà sẹ́nu iṣẹ́. Èèyàn kì í fẹ́ san owó ohun tí ò rí. Kí mọ́tò kọ́kọ́ máa wá, kí bílì tó gbẹ́nu sókè.

Ó ku nǹkan kan nípa Ìbà. Ìpínlẹ̀ Èkó ní ìjọba ìbílẹ̀ ogún nínú òfin Nàìjíríà, Ọ̀jọ́ sì wà lára wọn. Ìbà ò sí níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ ló dá a sílẹ̀ ní 2003, ó wà lára mẹ́tàdínlógójì tí wọ́n dá sílẹ̀ nígbà náà. Nítorí náà, owó tó ń ti Abuja wá, orúkọ Ọ̀jọ́ ló ń jẹ́, Ọ̀jọ́, Ìbà àti Ọ̀tọ̀-Àwórì ló sì jọ ń fojú sí i. Káńsù tí ò ní orúkọ tiẹ̀ l'Ábújà, owó ṣọ́ọ̀bù, owó ọjà àti irú owó báyìí á máa wù ú gan-an. Tẹ́ ẹ bá rí i tí wọ́n ń wá tíkẹ́ẹ̀tì kiri ní Ìyànà-Ìbà, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Torí náà, nígbà tí bílì bá tún dé, ẹ wo nǹkan mẹ́rin. Ṣé orúkọ ẹni tó ń kó o àti àkáùǹtì tẹ́ ẹ máa san án sí wà lórí ẹ̀? Ẹ má kó owó lé ẹnikẹ́ni tí ò ní rìsíìtì lọ́wọ́. Yàrá mélòó ni wọ́n kà, ṣé wọ́n ka èyí tó ṣófo? Ọjọ́ wo ni wọ́n ní àwọn máa wá, ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n wá lóṣù tó kọjá? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ọjọ́ àti déètì, torí ìwé yẹn lẹ máa fi bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ̀kẹrin: nínú ilé yín, ta ni ò san, kí ló dé tí ò fi san? Tó bá jẹ́ pé bí owó ṣe ń wọlé fún un ni ò bá a mu, alájọ wà.

Ẹ dá mi lóhùn wàyí. PSP àti olómọlanke, lápapọ̀, mélòó ni? Ẹ kọ orúkọ àdúgbò yín sí i, kí n lè tò wọ́n síra wọn ká jọ wò ó.